Ṣé ìsìn ọ̀sẹ̀ ni ó so ìjọ pọ̀, àbí àwọn tí wọ́n ti so pọ̀ ni ó ń wá sí ìsìn?

Akọ̀wé Ìjọ, Akúrẹ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Akọ̀wé ìjọ kan ní òpópónà Ọ̀dà ni mí, mo sì ń kàwé lọ́wọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ wa ní kí a mú èrò Émílì Dọ́káímù, onímọ̀ nípa àwùjọ ará Faransé, pé ẹ̀sìn ni ó ń fi ìṣọ̀kan àwùjọ hàn tí ó sì ń fún un lókun, kí a fi wo ìjọ kan tí ó ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìjọ tèmi ni mo mú. Orúkọ 214 ni ó wà nínú ìwé wa, ilé ìsìn sì máa ń kún. Ṣé kíkún yìí tó ẹ̀rí pé ìsìn ń so wá pọ̀? Bí kò bá tó, kí ni kí n máa wò?

Ọmọ Ìjàpọ̀

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ láti yunifásítì, Dọ́káímù ni ó sọ pé ẹ̀sìn dà bí òpíọ́mù tí a fi ń mú kí tálákà gbàgbé ìyà rẹ̀, kí ó má baà bínú sí olówó. A ó kóra jọ, a ó kọrin, ara á gbóná, ìṣòro á sì fúyẹ́. Lójú tèmi, bí ilé bá ti kún tí ara sì gbóná, ìṣọ̀kan ti wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara gbígbóná yẹn wà nínú ìwé rẹ̀, ó dá mi lójú.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òǹdó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìjàpọ̀ ṣe díẹ̀, nítorí ìdajì rẹ̀ tọ̀nà. Káàlì Máàsì ni ó sọ̀rọ̀ òpíọ́mù, ní 1844. Ìbéèrè tí Dọ́káímù ń bi ara rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Máàsì pátápátá. Ọmọ rábì ni, a bí i ní Épínáàlì ní ilẹ̀ Faransé ní 1858, kò dúró nínú ẹ̀sìn bàbá rẹ̀, síbẹ̀ kò gbà pé ohun tí gbogbo àwùjọ ayé ń ṣe láti ọjọ́ aláyé ti dáyé lè jẹ́ ẹ̀tàn lásán. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1912, ó ní agbára tí olùjọsìn ń rí pé ó ju òun lọ, tí ó ń gbé e ró tí ó sì ń bá a wí, agbára gidi ni, àti pé láti inú àwùjọ ni ó ti ń wá.

Àwọn Àrúńtà ti àárín gbùngbùn Ọsirélíà ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kò dé ọ̀dọ̀ wọn rí. Ohun tí Sípẹ́ńsà àti Gílẹ̀ẹ́nì, àwọn méjì tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ wọn, kọ nípa wọn ni ó kà. Nígbà náà, fún ìgbà pípẹ́ nínú ọdún, àwọn ènìyàn yìí máa ń fọ́n ká ní agbo kéékèèké láti ṣọdẹ àti láti wá ohun jíjẹ, olúkúlùkù á sì máa gbọ́ ti ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá tó àkókò, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó, ìmọ̀lára ẹnì kan á máa ran ẹnì kejì, títí olúkúlùkù á fi rí i pé òun ti di ẹlòmíràn. Ìgbóná ara yìí ni Ọmọ Ìjàpọ̀ rántí. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò kọjá ni pé ìgbóná náà kì í pẹ́. Bí wọ́n bá ti tú ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ nìyẹn. Ohun méjì péré ni ó lè gbé e dé ọ̀nà jíjìn: àmì kan tí ìmọ̀lára náà lẹ̀ mọ́, irú bí igi àti òkúta tí wọ́n ya àmì ìdílé sí, tí wọ́n ń pè ní ṣúríńgà, àti ìpàdé mìíràn kí èyí tó tán pátápátá. Ìdí tí ìsìn fi gbọ́dọ̀ máa padà wá ní àsìkò-àsìkò nìyẹn lójú Dọ́káímù.

Nítorí náà, Akọ̀wé, kíkún kò tó. Ọjà Ọba ní Akúrẹ́ kún ju ìjọ yín lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó ń bọ̀ láti ọjà tí yóò sọ pé àwọn tí òun bá rìn ní ìgbòrò ọjà di ará òun. Ìgbóná tí ó wà nínú ilé ìsìn pàápàá kò tó, nítorí àárín ọjọ́ méje ni ìdánwò rẹ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fi ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin jókòó sẹ́yìn, kí ẹ yẹra fún iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ní àwọn ọjọ́ náà, kí ẹ sì wo ìgbà tí gbogbo ara bá ń ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀kan. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí mo mọ̀, ìgbà ìdúpẹ́ ni, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń jó lọ sí iwájú pẹpẹ, àti ìgbà Oore-ọ̀fẹ́ ní ìparí, tí àwọn ènìyàn á di ọwọ́ ara wọn mú tí wọ́n á sì máa wo ojú ara wọn. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pẹ́ tó ní àgbàlá lẹ́yìn ìsìn, àti ẹni tí ó ń bá ẹni tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní pàtàkì jù lọ, ẹ mú àwọn tí kò wá, kí ẹ ka iye ọjọ́ tí ó kọjá kí ẹnì kan tó béèrè wọn, yàtọ̀ sí ẹ̀yin àti àlùfáà, nítorí iṣẹ́ yín ni láti béèrè. Ẹni tí a kò yàn sí i tí ó béèrè ni ó ń fi okùn náà hàn.

Ajíhìnrere

Mo kí gbogbo ilé. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí ohun tí mo ń kà yìí. Ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ni pé ara wa ni a ń sìn ní ọjọ́ Ìsinmi, pé kò sí Ọlọ́run? Ẹ̀mí Mímọ́ ni ó ń mú ara wa yá gágá, kì í ṣe èrò púpọ̀. Ibi tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá kó ara wọn jọ sí ní orúkọ Olúwa, ó wà láàárín wọn. Èmi ti wà ní ìpàdé àdúrà àwa mẹ́rin péré tí iná sọ̀kalẹ̀.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òǹdó

Ajíhìnrere, ẹ má bínú, n kò ní tan yín jẹ. Dọ́káímù sọ pé kò sí ẹ̀sìn kan tí ó jẹ́ irọ́, pé gbogbo wọn ni ó jẹ́ òótọ́ ní ọ̀nà tiwọn, àwọn ènìyàn sì máa ń fẹ́ràn láti fi gbólóhùn yẹn tu onígbàgbọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ó tún gbà pé olùjọsìn kò mọ ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, nítorí pé àwùjọ ni ó wà lẹ́yìn ohun tí ó ń pè ní ọlọ́run. Ẹ tọ̀nà tí ẹ bá kọ ìyẹn. Èmi náà ń lọ sí ìsìn, n kò sì gba ìdajì yẹn wọlé. Ìbéèrè Akọ̀wé kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń béèrè ohun tí ìpàdé ń ṣe láàárín ènìyàn àti ènìyàn, èyí tí a lè wò láì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ ohun tí ó wà láàárín ènìyàn àti Ọlọ́run.

Ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́rin tí ẹ sọ ṣe pàtàkì fún un, ẹ ṣeun. Kì í ṣe iye orí ni ó ń mú ìgbóná wá. Ẹni mẹ́rin tí wọ́n kúnlẹ̀ yí ara wọn ká, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, tí ọkàn gbogbo wọn wà lórí ohun kan, lè gbóná ju ẹni irinwó tí ìdajì wọn ń wo fóònù. Èyí tún jẹ́ ìdí tí kíkún fi lè tan ni jẹ.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi ni ó ń bá mi kọ ọ́, èmi ni mo ń sọ ọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan tí ẹ ń sọ, mo sì ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wà nínú ìjọ kan ní ìlú yìí. N kì í fi ìsìn jẹ. Nígbà tí ọkọ mi kú, wọ́n ṣí ìwé, wọ́n ní mo jẹ owó ìkórè ọdún méjì àti owó ẹgbẹ́. Òótọ́ ni, mo jẹ ẹ́, nítorí àìsàn ọkọ mi ti gbé gbogbo owó ọjà lọ. Wọ́n ní àfi kí n san án kí àlùfáà tó lè wá sí ibi ìsìnkú. Àwọn tí mo ń bá jó lọ síwájú pẹpẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni mẹ́ta péré ni ó yọjú. Àwọn aláṣọ ìlà wa ní ọjà, tí mùsùlùmí wà nínú wọn, ti ìsọ̀ wọn pa ní ọjọ́ náà, wọ́n dá owó, wọ́n sì bá mi jókòó títí di ọjọ́ kẹjọ. Ẹ sọ fún mi, èwo ni ìjọ mi nínú méjèèjì?

Àbíkẹ́ Òkè-Àró

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á máa tù yín nínú. Èmi ń ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ bí èyí lọ́wọ́, ìtàn yín sì gba ibi tí ó yẹ kí Akọ̀wé wò gan-an.

Dọ́káímù kọ púpọ̀ nípa ọ̀fọ̀. Ó ní bí ẹnì kan bá kú, ẹgbẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó rí i pé òun dín kù, ó sì ń kóra jọ láti fi han ara rẹ̀ pé òun ṣì wà. Ó ní ẹkún ọ̀fọ̀ kì í ṣe ìbànújẹ́ ọkàn ẹnì kan ṣoṣo, pé iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ ni, àti pé ẹni tí kò bá sunkún níbi tí ó yẹ ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń ṣe é níhìn-ín: ìsìnkú á wáyé ní ọjọ́ Ẹtì tàbí Àbámẹ́ta, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi, ẹbí á wọ aṣọ kan náà wá sí ilé ìsìn láti dúpẹ́, ìjọ á sì jó pẹ̀lú wọn. Ìjọ ti gba àwọn tí ikú kàn padà nìyẹn. Èyí tí wọ́n ṣe sí ìyá wa ni pé wọ́n kọ̀ láti gbà á padà. Ìwé owó ni ó sọ ẹni tí ó wà nínú ìjọ ní ọjọ́ tí ó le, ijó ìdúpẹ́ kò sì rí nǹkan kan sọ sí i.

Mo wá fẹ́ bá Bàbá Olùkọ́ jiyàn díẹ̀. Láàárín àwọn Àrúńtà, ẹni tí ènìyàn ń bá sìn náà ni ó ń bá jẹun, òun náà ni ìbátan rẹ̀. Ní Akúrẹ́, ilé kan ṣoṣo lè ní ọmọ ìjọ mẹ́ta àti mùsùlùmí kan nínú. Rọ́bátì Mẹ́tìn, ará Amẹ́ríkà, ti sọ ọ́ láti 1949 pé àwọn onímọ̀ gbé ohun tí wọ́n rí ní àwùjọ kékeré ẹlẹ́sìn kan ṣoṣo wá sí àwùjọ ẹlẹ́sìn púpọ̀ láì rò ó dáadáa. Bí ìjọ kan bá ń so àwọn ọmọ rẹ̀ pọ̀ gan-an, ó lè jẹ́ pé ara àwọn ará ilé ni ó ti ń já wọn kúrò. Nítorí náà, bí a bá ní ẹ̀sìn ń fún àwùjọ lókun, ó yẹ kí a sọ àwùjọ tí a ní lọ́kàn.

Ọmọ Ìjàpọ̀

Mo gba àtúnṣe tí Bàbá ṣe nípa Máàsì, ẹ ṣeun, sà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ìyá wa. Ẹni tí kò ní owó ni wọ́n tì síta. Ṣé kò wá jẹ́ pé Máàsì náà ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀?

Ọmọ Ìsìkàn

Assàlámù aláíkúmù. Mùsùlùmí ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti wa. Ìrun Jímọ̀ kò ṣeé dá kí nínú ilé, ìpéjọ ni ó sọ ọ́ di Jímọ̀. A máa ń tò ní sàfù, èjìká á kan èjìká, a ó jọ foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ara ṣíṣe nǹkan kan náà bá ni gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí ó ti pé ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Síbẹ̀, bí lèmọ́mù bá ti sálámà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀pọ̀ ti gun ọ̀kadà lọ sí ibi iṣẹ́, mo sì lè kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan fún ọdún kan kí n má mọ orúkọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ àsàlátù wa ti àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí a kò tilẹ̀ pé ogójì, ni ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ àti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Mo ń béèrè lọ́wọ́ Bàbá Olùkọ́: kí ni Jímọ̀ wá ń ṣe, bí kò bá mú mi mọ ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òǹdó

Wàláíkúmù sàlámù. Ìbéèrè yín dára púpọ̀. Mo rò pé ìsopọ̀ oríṣi méjì ni a ń pè ní orúkọ kan. Ọ̀kan ni ti ẹni tí a mọ̀, tí a lè yá lówó, tí yóò béèrè wa bí a kò bá yọjú. Èkejì ni ti ẹni tí a kò mọ̀ ṣùgbọ́n tí a gbà pé ó jẹ́ tiwa. Bí ẹ bá dé ìlú tí ẹ kò dé rí, tí ẹ wọ mọ́ṣáláṣí, ẹni tí ẹ kò mọ̀ yóò sún fún yín nínú sàfù, kò sì ní béèrè ìwé owó kankan lọ́wọ́ yín. Jímọ̀ ń ṣe èkejì yìí, àsàlátù ń ṣe ti àkọ́kọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìjọ ọmọlẹ́yìn Kírísítì, wọ́n fẹ́ kí ìsìn kan ṣoṣo ṣe méjèèjì, nígbà tí kò bá sì ṣeé ṣe, ẹgbẹ́ kéékèèké ni ó máa ń gba èyí tí ó kù ṣe.

Ní ti Àbíkẹ́, mo gbà pé ó rí ibi tí ó jìn. Ní Òǹdó níhìn-ín, bí ọdún Èkìmógún bá dé, ọmọ ìjọ gbogbo àti mùsùlùmí á jọ jáde gẹ́gẹ́ bí ọmọ Òǹdó, pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Bí a bá ń wá ibi tí ìlú ti ń rí ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Àrúńtà ṣe ń rí ara wọn, ó ṣeé ṣe kí ó wà níbẹ̀ ju inú ìjọ èyíkéyìí lọ. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ó sì ń wáyé.

Ọmọ Ìjàpọ̀, mo gbà bẹ́ẹ̀. Dọ́káímù kò pọkàn pọ̀ tó sórí ẹni tí ó di ìwé owó mú.

Akọ̀wé Ìjọ, Akúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìyá Aláṣọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ojú tì mí bí mo ti ń kà á, nítorí irú òfin bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé tiwa náà, èmi ni mo sì ń pa á mọ́.

Mo jókòó sẹ́yìn ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Nígbà ìdúpẹ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jó lọ síwájú pẹ̀lú aṣọ tirẹ̀, a sì tún dá owó pàtàkì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí a bí ènìyàn, àwọn tí a bí ní ọjọ́ Ajé pẹ̀lú àwọn tí a bí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ń bá ara wọn díje. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé ìdíje á pín wa, ṣùgbọ́n òun ni ó da àgbà pọ̀ mọ́ ọmọdé, olówó mọ́ aláìní, nítorí kò sí ẹni tí ó yan ọjọ́ ìbí ara rẹ̀. Lẹ́yìn Oore-ọ̀fẹ́, àwọn tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ dúró ní àgbàlá ju ìdajì wákàtí lọ. Àwọn tí wọn kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan ti jáde kí akọrin tó bọ́ aṣọ wọn.

Èyí mú kí n lọ ṣí ìwé ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé ìsìn pa. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá wa ní ọmọ ẹgbẹ́ 31. Gbogbo wọn ni ó san owó oṣooṣù wọn ní oṣù kẹta. Ní oṣù karùn-ún, àwọn 24 ni ó san; ní oṣù keje, 15. A kò dín ìkéde kù, a ń fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Lẹ́yìn tí a padà sí ilé ìsìn, kò pé oṣù méjì tí àwọn 28 fi ń san án. Nínú àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ ni kò padà mọ́. Ṣé mo lè sọ pé ohun tí Dọ́káímù wí nìyí, pé okùn náà ń rọ bí ìpàdé bá dáwọ́ dúró, ó sì ń le bí ó bá padà?

Àbíkẹ́ Òkè-Àró

Ẹ ṣe jẹ́jẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọdún 2020 ni ọdún tí owó kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí iye àwọn tí ń san owó bá dín kù nígbà tí ọjà wà ní títì, tí ó sì pọ̀ sí i nígbà tí ọjà ṣí, báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ìsìn ni ó fà á? Àti pé àwọn tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ ni wọ́n padà. Ìyẹn lè túmọ̀ sí pé àwọn tí ó ti so mọ́ra tẹ́lẹ̀ ni ó ń wá sí ìsìn, tí ìsìn fúnra rẹ̀ kò sì dá nǹkan kan sílẹ̀. Ìbéèrè tí ẹ fi ṣe àkọlé gan-an ni èyí, ìwé owó kò sì dáhùn rẹ̀. Ṣé ẹ ní àkọsílẹ̀ kankan tí kì í ṣe ti owó?

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Kí n fi ti wa kún un. Ní ọdún yẹn, àwa náà kò rí ọjà tà. Ṣùgbọ́n àjọ wa kò dúró. Alájọ wa ń lọ láti ilé dé ilé, ẹni tí kò ní ẹgbẹ̀rún á fún un ní igba, ẹni tí kò ní rárá á sọ pé òun kò ní, wọ́n á sì jọ kí ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Àìní owó nìkan kọ́ ni ó ń dá owó ẹgbẹ́ dúró. Ẹni tí ó rí ojú rẹ kò ní jẹ́ kí o gbàgbé.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òǹdó

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá wa sọ yìí dáadáa. Ó ti fún wa ní ohun tí a lè fi wé ti Akọ̀wé: ẹgbẹ́ méjì ní ìlú kan náà, ìyà owó kan náà, ọ̀kan ń rí ojú ara wọn, èkejì ń gba ìkéde lórí fóònù. Ó ti Dọ́káímù lẹ́yìn ní apá kan, nítorí ojú-kojú ni ó mú kí okùn dúró. Ó sì ta kò ó ní apá kejì, nítorí kò sí ohun mímọ́ kankan nínú àjọ. Bí àjọ bá lè ṣe é láì sí orin àti pẹpẹ, kí ni ẹ̀sìn fi kún un? Èmi rò pé ohun tí ó fi kún un ni pé ó lè so àwọn tí kò sí ìdí mìíràn tí wọ́n fi lè pàdé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ́jọ́ Ajé yẹn. Àwọn aláṣọ ti ní ọjà tí ó so wọ́n. N kò lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú ohun tí ó wà níwájú wa.

Akọ̀wé, bí ẹ bá fẹ́ ya ohun tí Àbíkẹ́ béèrè sọ́tọ̀, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni kí ẹ wò, nítorí wọn kò so mọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n wọlé. Ẹ mú àwọn tí ó darapọ̀ láàárín ọdún kan sẹ́yìn, kí ẹ pín wọn sí àwọn tí ń wá déédéé àti àwọn tí ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì bi ẹnì kọ̀ọ̀kan léèrè ẹni tí yóò pè bí ó bá ṣàìsàn ní òru. Bí ìsìn bá ń dá okùn sílẹ̀, ó yẹ kí àwọn tí ń wá déédéé ní orúkọ ọmọ ìjọ lẹ́nu ju àwọn yòókù lọ, kódà bí wọn kò bá sí nínú ẹgbẹ́.

Àbíkẹ́ Òkè-Àró

Èyí sàn ju ti ìwé owó lọ, Bàbá. Ó ṣì kù síbì kan: ẹni tí ó fẹ́ràn ènìyàn nípa ìwà ni yóò máa wá déédéé, òun náà ni yóò sì tètè ní ọ̀rẹ́. Ẹ̀gbọ́n á ní láti padà bi àwọn kan náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kí a lè rí bóyá orúkọ tí ó wà lẹ́nu wọn pọ̀ sí i.

Ajíhìnrere

Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. N kò tíì gba ti Dọ́káímù yín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi Akọ̀wé: ẹni tí ìwé owó tì síta ní ìjọ yín, ta ni ó ń bẹ̀ ẹ́ wò?

Akọ̀wé Ìjọ, Akúrẹ́

Ajíhìnrere, mo lọ ka ìwé náà ní alẹ́ àná nítorí ìbéèrè yín. Orúkọ mọ́kànlá ni a fi pẹ́ńsù pupa fa ìlà sí lábẹ́. Nínú wọn, mẹ́jọ kò wá sí ìsìn láti bí oṣù mẹ́ta. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn olórí ẹgbẹ́ bóyá ẹnì kan ti bẹ̀ wọ́n wò: wọ́n dárúkọ méjì. N ó fi àwọn mọ́kànlá yìí kún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, n ó sì bi wọ́n ní ìbéèrè òru tí Bàbá sọ. Ìpàdé ìgbìmọ̀ ìjọ wà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ òfin ìsìnkú yẹn sí iwájú gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ. Ìyá Aláṣọ, bí ẹ bá gbà mí láyè, mo fẹ́ ka ìtàn yín fún wọn láì dárúkọ yín.

Ìyá Aláṣọ, Ọjà Ọba

Kà á fún wọn, ọmọ mi. Má gbàgbé àwọn mẹ́ta tí ó wá. Ọ̀kan nínú wọn jẹ owó ìkórè jù mí lọ.